Èrè Lobìnrin Ń Jẹ Lábọ̀ Ọjà

"Èrè ni obìnrin ń jẹ lábọ̀ ọjà." Bí a bá pàdé ìyá kan tó gbé igbá bọ̀ nírọ̀lẹ́, òwe yìí la fi ń kí i. Òun náà á ní "àṣẹ", kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í dúró gbọ́ ohun tó ń wí. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ kí etí wa dá dúró sí. Àkọ́kọ́ ni "jẹ". Èrè, jíjẹ là ń jẹ ẹ́; owó tí kò bá ṣeé jẹ, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Ìkejì ni "lábọ̀". Àwọn àgbà ò sọ pé ojú ọjà la ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní lábọ̀.

Èmi náà ò ronú kan ọ̀rọ̀ méjèèjì títí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá kan fi bi àbúrò ìyá mi ní ìbéèrè ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹni tó bá dé Ọjà Olúwo rí á mọ̀ pé etí ọ̀sà ló wà, ẹja sì ni. Epìyà tútù ń tàkìtì nínú báàfù, àwọn oníbàárà tó ti Èkó wá ń najú, wọ́n ń nájà. Ẹja yíyan ni àbúrò ìyá mi ń tà, àrọ̀ ní pàtàkì. Màámi Ẹlẹ́ja ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wá lo họlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin tí ojú ẹ̀ mú, tó sì máa ń mú ìwé kékeré kan káàkiri. Lọ́jọ́ tí mo wí yìí, èmi náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń retí kí oòrùn rọlẹ̀.

Ọmọ náà ṣírò fúnra rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ogún kílò àrọ̀ tútù ni ìyá àgbà rà, 3,000 náírà ni kílò kan, ìyẹn 60,000. Ó ka ẹja náà nígbà tí wọ́n kó o kúrò lórí wáyà, ọgọ́ta ni. 1,500 náírà ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 90,000. Ó fi biro fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Màámi, 30,000 lẹ jèrè! Tíṣà wa ní owó tí a tà, ká yọ owó tí a rà kúrò, òun ni èrè. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní kò sówó bàtà mi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó mú àrọ̀ kan tó ti fọ́, ó ká a ní ìrù, ó dún káá. Ó ní, "Gbọ́ ohùn yẹn? Mélòó lo rò pé ohùn yẹn ná mi?"

Ohun tí Màámi ń bi í nìyẹn: owó igi. Ogún kílò àrọ̀ tútù, tí a bá yan án gbẹ débi tí ìrù rẹ̀ á fi dún báyẹn, kì í sábà ju kílò méje lọ. Omi ni ìyókù, iná ló sì ń lé omi. Ọjọ́ méjì ló fi wà lórí ààrò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ igi ná, tó tètè kó ẹja sọ̀kalẹ̀, ẹja rẹ̀ á tóbi lójú, á sì wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí á fi bu, kí kòkòrò tó wá gba tiẹ̀. Igi tó fi ṣọ́ná yẹn ni yóò fi àdánù ẹja san. Nítorí náà igi 5,000 ò ṣeé yẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó gbé ẹja délé tó tún gbé e wá sọ́jà gba 2,000. Iyọ̀, 500. Tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ibi tí a pàtẹ sí, 1,000. Ọ̀rá àti bébà tí wọ́n fi ń di ẹja fún oníbàárà, 1,500. Ọmọ náà ń kọ ọ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ó di 10,000.

"Ó ku 20,000," ni ọmọ wí. Ó ti ń wo ọ̀nà ìsọ̀ oníbàtà.

"Ka ẹja tó kù nílẹ̀."

Kò sí ẹja tó ṣeé tà nílẹ̀ mọ́, ọjà ti tà. Ṣùgbọ́n owó tó wà ní ìdí ìró Màámi, 75,000 ni. Ọmọ náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ fà ro. Ibo ni 15,000 wọlẹ̀ sí? Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka á fún un. Ẹja mẹ́fà, ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́yìn gáréèjì ló gbé e láwìn. Méjì fọ́ yánkanyànkan, ẹnikẹ́ni ò ní rà á. Ọ̀kan, ó fi ṣe èènì fún oníbàárà tó ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan yòókù, "èyí tó wà nínú ọbẹ̀ tó o jẹ lánàá ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti mú wa. Ó ní, "Èyí tá a jẹ nílé, ṣé ìyẹn náà kì í ṣe èrè ni? Ṣebí òwe ní èrè ni obìnrin ń jẹ."

Màámi wò mí, mo wò ó. Òótọ́ ni. Èrè 1,500 ti wọnú ikùn kí ọjà tó tà, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa tó ní ìsọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé là ń sọ pé ọjà ò mérè wá, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì ìsọ̀ là ń sè, ọṣẹ ìsọ̀ la fi ń wẹ̀.

Nínú 75,000, bí a bá yọ 70,000 tí ó ná, 5,000 ló ṣẹ́ kù. Mo rò pé ibẹ̀ la máa dúró sí. Ìwé ìṣirò níléèwé dúró síbẹ̀, akọ̀wé owó náà dúró síbẹ̀, owó orí sì ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Màámi ní a ò tíì délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ó ti dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àrọ̀ tútù fún un. Kílò kan ti di 3,200. Ogún kílò tó máa rà lọ́la, 64,000 ni. Bí igi àti ìyókù bá dúró síbi tí wọ́n wà, 74,000 ló máa fi dá ọjà náà padà. Nínú 75,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, 1,000 ló ṣeé jẹ. Ó yọ ọ́, ó so ó sí etí ìró kejì, kókó kékeré. Kókó ńlá ni 74,000.

"Ojú owó nìyí," ó gbá kókó ńlá. "Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ọjà ló jẹ."

Ọmọ náà ní ṣebí owó wọn náà ni. Kí ló dé tí wọn ò lè na 5,000 tán, kí wọ́n wá fi 70,000 ra ọjà? Màámi ní kó fi ìwé rẹ̀ ṣírò rẹ̀. Bí 10,000 bá lọ sórí igi àti ìyókù, 60,000 ló kù fún ẹja. 60,000 sí 3,200, kò pé kílò mọ́kàndínlógún. Ẹja tó máa wà lórí wáyà ò ní pé ọgọ́ta mọ́, á tó mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ìgbà tó bá tún wọ́n sí i, á di àádọ́ta. Owó ń pọ̀ lẹ́nu, agbọ̀n ń fúyẹ́. "Èmi kì í fi náírà ka ojú owó mi," ó wí. "Ẹja ni mo fi ń kà á. Ọgọ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí i pé kò pé ọgọ́ta mọ́, tí oníbàárà ò sì dín, mo mọ̀ pé mo ti ń jẹ ohun tí kì í ṣe jíjẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi níbi tó ń dùn mí. Mo ti ta ìrẹsì rí, àpò mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí owó lé lórí owó tí mo fi rà á, mo sì ń na èyí tó lé. Nígbà tí àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, mo mú owó ìrẹsì lọ sọ́jà, owó náà pé géérégé, kò sì lè ra àpò méjì. Mo bínú sí ìjọba. Ìjọba lẹ́bi tiẹ̀. Àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní oṣù Kejìlá 2024, ọjà ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ àpò kan àti àbọ̀ tí mo ń pè é ní èrè. Ní 1939, ọ̀mọ̀wé ọrọ̀-ajé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Hicks, kọ ọ́ pé ohun tó wọlé fún ènìyàn ni èyí tó lè jẹ láàárín ọ̀sẹ̀, kó sì tún rí bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń kí ara wọn lójú ọ̀nà ọjà ti fi "jẹ" àti "lábọ̀" sọ ọ́ tán.

Mo bi Màámi pé bí ẹja bá wá dínwó ńkọ́, tí kílò bọ́ sí 2,700? Ṣé èrè ńlá nìyẹn? Ó mi orí. Ó ní bí ẹja tútù bá dínwó, kò ní pẹ́ tí oníbàárà náà á fi gbọ́, 1,500 á di 1,300. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kókó ńlá ló ń so ó mọ́, torí àkókò tí ẹja á tún wọ́n ń bọ̀.

Ọmọ náà ti kọ ìwé rẹ̀ kún. "Nígbà tí ìyá olóúnjẹ bá san 9,000 wá, ó di 10,000. Ìyẹn wá jẹ́ èrè?"

"Bó bá san án. Ọ̀tọ̀ ni ọjà tà, ọ̀tọ̀ ni owó dé. Bó bá sì san án náà, òru méjì ni mo fi jókòó ti ààrò. Ká ní ẹja ẹlòmíì ni mo yan, á fún mi ní 4,000. Owó iṣẹ́ mi nìyẹn. 6,000 ni ọjà fún mi."

Ọmọ náà fa ìlà mìíràn sábẹ́ 6,000. Ó wo 30,000 tó wà lókè ìwé, ó wo kókó kékeré tó wà ní etí ìró. Kò sọ̀rọ̀ bàtà mọ́. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó wọ sálúbàtà rẹ̀ tó ti já létí kan.

"Níbo lò ń lọ?" ni Màámi bi í.

"Ẹ̀yìn gáréèjì. Mo fẹ́ lọ kí ìyá olóúnjẹ."