Háṣítáàgì Márùn-ún Péré, Ẹ Tún Fi Ọ̀kan Ta Èkó Lọ́rẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí ọmọkùnrin tó ń mójú tó ojú ewé wa lórí Instagram kọ sábẹ́ àwòrán àmàlà tó gbé síta lánàá, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ó yẹ kí n sanwó oṣù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀:

```
#Love #Foodie #LagosFood #Viral #Iya Ibeji Kubwa
```

Kubwa ni a ti ń ta oúnjẹ, ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bwari ní Abùjá níhìn-ín. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni iṣẹ́ wa, àwọn ọlọ́kadà wa sì ń gbé e dé Dutse Alhaji àti Gwarinpa. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, àmàlà náà yóò ti tutù, yóò sì ti le kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí mo ń wá ni ẹni tí ebi ń pa ní ibi tí ọlọ́kadà wa lè dé kí oúnjẹ tó tutù, kò sí ẹlòmíràn. Kí wá ni ti Èkó nínú ọ̀rọ̀ wa?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 30 ni ààlà háṣítáàgì tí ènìyàn lè kọ sábẹ́ àwòrán kan lórí Instagram, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí sì ń da gbogbo 30 náà síbẹ̀ lójoojúmọ́ láìyí ẹyọ kan padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2021 ni ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Nígbà tí wọ́n wá dín in kù sí márùn-ún ní òpin 2025, mo rò pé yóò jókòó, yóò sì ronú. Kò ronú rárá. Ńṣe ló gé ìrù àkọsílẹ̀ àtijọ́ náà, tó mú èyí tó wà lókè, tó sì so orúkọ wa mọ́ ọn nítorí pé mo pariwo.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí #Love àti #Viral. Ta ni ebi ń pa ní ọ̀sán gangan tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti fi wá àmàlà? #Foodie sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń lò ó, láti orí páńkéèkì dé orí ẹja tútù àwọn ará Japan, kí ìṣẹ́jú mélòó kan sì tó kọjá, tiwa ti rì sísàlẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni #LagosFood. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Àwọn ará Èkó pọ̀ lórí ẹ̀rọ ju àwọn ará ibí lọ.” Wọ́n pọ̀ lóòótọ́! Mo ṣí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń fi ìlú àwọn tó ń tẹ̀ lé wa hàn, Èkó ló sì wà lókè téńté. Ọmọbìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ń lo àkókò oúnjẹ ọ̀sán, tí ó yẹ kó fi gba àṣẹ oúnjẹ, láti máa bẹ ẹni tó ń béèrè pé ṣé a lè gbé abọ́ méjì wá sí Ìkẹjà. Ẹni tó wà ní òpópónà kejì sí wa kò sì mọ̀ pé a wà láyé.

Ẹ wá wo orúkọ wa. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ọmọ yìí fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kì í ka ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn àlàfo mọ́ háṣítáàgì. #Iya nìkan ló di ohun tí a lè tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ìyá ìyàwó tó ń jó níbi ìgbéyàwó ni mo bá níbẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ so ó pọ̀ ní #IyaIbeji, gbogbo abiyamọ tó bí ìbejì ló ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ọmọ rẹ̀, oúnjẹ wa yóò sì sọnù sáàárín àwọn ọmọ jòjòló. #IyaIbejiKubwa ló yẹ, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ibi ìwákiri, kí a rí i dájú pé kò sí ẹlòmíràn tó ń lò ó. Háṣítáàgì orúkọ kì í mú àlejò wá, nítorí ẹni tí kò mọ̀ wá kò lè wá orúkọ wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó àwòrán àwọn tó ti jẹun lọ́dọ̀ wa jọ sójú kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá tí a fi ń di oúnjẹ. Ẹyọ kan ti tó. Ọ̀gbẹ́ni tiwa fẹ́ kí a ní mẹ́ta.

Ó ku mẹ́rin. Mo fi méjì sílẹ̀ fún ohun tí a ń tà, méjì fún ibi tí a ti ń tà á:

```
#IyaIbejiKubwa #Amala #Gbegiri #AbujaFood #Kubwa
```

#Amala gbòòrò, láti Ìbàdàn dé London ni wọ́n ti ń lò ó, nítorí náà ni mo ṣe fi #Gbegiri tì í, torí àwọn tó ń lò ó kéré, àwòrán wa yóò sì pẹ́ lójú díẹ̀. Bí ó bá di Sátidé tí a bá se ọ̀fàdà, àwọn méjì yìí ni yóò yí padà; orúkọ kò ní yí. Ọmọ náà ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí #Abuja wọlé. Ilé títà, ìgbéyàwó àti òṣèlú ló kún inú ìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, àyè wà lókè àwòrán láti fi orúkọ ibi tí a wà sí, kì í sì í jẹ nínú márùn-ún wa. #AbujaFood ni ẹni tó ń wá oúnjẹ nílùú yìí yóò tẹ̀. Bí a bá sì ń polówó fún àwọn ará Gwarinpa, kí #Gwarinpa gba ipò #Kubwa lọ́jọ́ náà.

Kò sì yẹ kó gbé gbogbo ẹrù lé háṣítáàgì lórí. Láti òpin 2024 ni kò ti ṣeé ṣe mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti máa tẹ̀ lé háṣítáàgì lórí Instagram, àfi kí ó wá a fúnra rẹ̀, ìwákiri náà sì ń ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ àwòrán pẹ̀lú. Kí ni ọmọ yìí kọ síbẹ̀? Àwòrán iná mẹ́fà! Kò kọ àmàlà, kò kọ Kubwa, kò kọ aago tí a ń ṣí.

Mo ti kọ márùn-ún náà sórí ìwé fún un, mo sì ti ní kí ọmọbìnrin wa máa bi gbogbo ẹni tó bá pè léèrè àdúgbò tí ó ti ń pè. Ọmọkùnrin náà ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí nítorí owó oṣù rẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ yọ Èkó kúrò lábẹ́ àmàlà mi.