Owó tó sùn sí báǹkì ń dín kù, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ ń lé sí i

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé owó tó bá ti wọ báǹkì ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Olè kò ní jí i, iná kò ní jó o, kò sẹ́ni tó máa mú un ná níkọ̀kọ̀, èlé á sì máa gorí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bí báǹkì ńlá kan bá kógbá sílé, àjọ NDIC máa san tó ₦5,000,000 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. ₦500,000 ni wọn kì í kọjá tẹ́lẹ̀. Àmọ́ iye tó wà nínú ìwé nìkan ni NDIC ń dáàbò bò. Kò sí àjọ kankan tó ṣèlérí fún yín pé ohun tí owó yẹn rà lónìí náà ni yóò rà lọ́dún tó ń bọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ohun tó ń jẹ owó wa kò dé inú àkáǹtì rárá, nítorí náà a kì í rí i tí a bá ń wo fóònù.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, fi ₦1,000,000 sínú àkáǹtì ìfowópamọ́ ní ìparí ọdún 2022, tí kò sì fọwọ́ kàn án títí di ìparí 2024. Ká tún ní báǹkì fún un ní èlé pásẹ́ńtì 5 lọ́dún àkọ́kọ́ àti 7 lọ́dún kejì. Ní ìparí ọdún méjì, ohun tó máa bá níbẹ̀ ni ₦1,123,500. Ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà sórí owó rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn.

Ó ku ká wo ọjà. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé láàárín oṣù Kejìlá 2022 sí oṣù Kejìlá 2023, owó ọjà fi pásẹ́ńtì 28.92 gbówó lórí. Láàárín oṣù Kejìlá 2023 sí Kejìlá 2024, ó tún fi 34.80 lọ sókè. Ti ọdún kejì gorí ti ọdún kìíní ni, kì í ṣe pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà ní ₦1,000,000 ní ìparí 2022 di nǹkan bí ₦1,289,000 lọ́dún kan, ó sì di nǹkan bí ₦1,738,000 lọ́dún kejì. Owó tó wà lọ́wọ́ ìyá wa kò ju ₦1,123,500 lọ. Bí ẹ bá pín 1,123,500 sí ọ̀nà 1.738, ẹ máa rí i pé ohun tí gbogbo owó yẹn lè rà ní ìparí 2024 kò ju ohun tí nǹkan bí ₦646,000 rà lọ́jọ́ tó kó o lọ sí báǹkì. Ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, láìsí olè, láìsí iná, láìsí pé báǹkì yọ kọ́bọ̀ kan lára rẹ̀.

Ọ̀nà ìṣirò tí mo lò yẹn ló tọ́, torí àwọn kan máa ń yọ èlé kúrò lára ọ̀wọ́n ọjà ni. Wọ́n á ní 34.80 dín 7, ó ku 27.80, nítorí náà ìdá tó lé ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ. Bí ọ̀wọ́n ọjà bá jẹ́ pásẹ́ńtì 3 tàbí 4, àyọkúrò yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣì yín lọ́nà. Ibi tí ọ̀wọ́n bá ti pọ̀ bíi tiwa ni àṣìṣe ti máa ń tóbi. Ìpín ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe:

```
(1 + èlé) / (1 + ọ̀wọ́n) - 1
1.07 / 1.348 - 1 = -0.206
```

Pásẹ́ńtì 20.6 ló lọ ní 2024 nìkan. Kò tó 27.80, ṣùgbọ́n ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, nínú ọdún kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí èlé báǹkì fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Báǹkì àpapọ̀, CBN, ló ń fi ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní MPR darí èlé ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Láti oṣù Kẹjọ 2022, òfin CBN ni pé èlé àkáǹtì ìfowópamọ́ kò gbọdọ̀ kéré ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún MPR lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, láti oṣù Kẹsàn-án 2020, ìdá 10 péré ni. Nígbà tí MPR wà ní 27.50 ní ìparí 2024, ohun tí òfin fi dandan lé báǹkì lọ́wọ́ láti san jẹ́ 8.25. Lásìkò kan náà, báǹkì lè kó owó yín yá ìjọba tàbí oníṣòwò ní iye tó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ohun tí àárín méjèèjì fi jùra lọ, tiwọn ni. Mi ò bá wọn jà lórí rẹ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò pé 8.25 yẹn ni gbogbo ohun tí owó lè mú wá. Kódà ó lè má tó bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ báǹkì kì í san èlé oṣù tí ẹ bá ti yọ owó kọjá iye ìgbà tí wọ́n fàyè gbà. Bí ẹ bá ń fi káàdì yọ owó ní gbogbo ìgbà nínú àkáǹtì yẹn, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ pé òfo ni èlé yín.

Ọ̀wọ́n ọjà ti NBS ń kéde pẹ̀lú kì í ṣe tiyín gẹ́lẹ́. Àpapọ̀ ọjà gbogbo ìlú ni wọ́n ń kà. Ní oṣù Kejìlá 2024 tí àpapọ̀ jẹ́ 34.80, oúnjẹ nìkan jẹ́ 39.84. Ìdílé tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ jìyà ju ohun tí ìwé sọ lọ. Ẹni tó ń wakọ̀ tún rí tirẹ̀: ṣáájú kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, nǹkan bí ₦185 ni lítà epo bẹntiróòlù l'Ékòó. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ₦998 ni wọ́n ń tà á nílé epo NNPC. Ẹ kọ iye tí ilé yín ń ná lóṣù sílẹ̀ lórí oúnjẹ, ọkọ̀, ilé àti iléèwé, kí ẹ fi wé ti ọdún tó kọjá. Nọ́ńbà yẹn ni kí èlé yín lé bá.

Àṣìṣe mìíràn wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní oṣù Kìíní 2025, NBS tún ìṣirò rẹ̀ tò, ó fi 2024 ṣe ọdún ìpìlẹ̀, ó sì yí bí ọjà kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú ìṣirò náà padà. Nọ́ńbà já wálẹ̀ láti 34.80 sí 24.48 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní ọjà ti wọ́lẹ̀. Ọjà kò wọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀wọ́n bá dín kù láti 24 sí 14, ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó ọjà ṣì ń lọ sókè, àmọ́ kò sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí ìyá Gbági pàdánù láàárín 2022 sí 2024 kò padà wá.

Kí wá ni ká fi wé èlé báǹkì? Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì ìjọba àpapọ̀, torí owó tí ìjọba yá ni, òun sì ni ewu rẹ̀ kéré jù nínú ohun tó ń so èlé ní náírà. Ọjọ́ 91, 182 tàbí 364 ni wọ́n ń tà á fún. Ìwájú ni wọ́n ti ń yọ èlé rẹ̀, èyí ló sì ń da àwọn èèyàn lójú rú. Ní oṣù Kejì 2024, ti ọjọ́ 364 dé nǹkan bí pásẹ́ńtì 19. Ìyẹn ni pé, fún ₦1,000,000 tí ìjọba máa san lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa san nǹkan bí ₦810,000 lónìí. Èrè ₦190,000 yẹn, orí ₦810,000 ló ti wá, kì í ṣe orí mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ẹ bá pín in, èlé gangan jẹ́ nǹkan bí 23.5. Ẹ má fi 19 yẹn wé 7 ti àkáǹtì, 23.5 ni kí ẹ fi wé e.

Síbẹ̀, ẹ gbé 23.5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 34.80. Pàdánù náà ṣì jẹ́ pásẹ́ńtì mẹ́jọ àti díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín: ní 2024, tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì kò lé ọ̀wọ́n ọjà bá. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ pàdánù ogún di mẹ́jọ. Ní 2025 ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó ra ti ọjọ́ 364 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà rí èlé tó ju 20 lọ, NBS sì kéde nígbà náà pé ọ̀wọ́n ọjà ti rọ̀ dé 14.45 ní oṣù Kọkànlá. Èrè gidi wọlé fún un. Ẹni tó fi tirẹ̀ sí 8 nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ ṣì pàdánù. Ohun tí ọjà máa ṣe láti òní títí ọjọ́ tí owó yín máa jáde ni ẹ ń bá díje, kì í ṣe ohun tó ti ṣe lọ́dún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó lè mọ ìyẹn dájú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ni kan ti gbogbo owó rẹ̀ mọ́ ibì kan fún ọdún púpọ̀ lórí èlé kan ṣoṣo.

Bí báǹkì bá ní kí ẹ wá fi owó dè fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, ẹ bèèrè iye tó máa kù lẹ́yìn owó orí, torí pásẹ́ńtì 10 nínú èlé yẹn máa ń lọ sápò ìjọba. Pásẹ́ńtì 15 lẹ́nu wọn, 13.5 ló máa dé ọwọ́ yín. Bọ́ǹdù ìfowópamọ́ tí DMO, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè, ń tà náà wà, ₦5,000 lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà ríra bíìlì fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó owó èèyàn púpọ̀ jọ láti rà á, bí SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, bá ti fún wọn ní ìwé àṣẹ.

Dọ́là ńkọ́? Ó gba àwọn èèyàn là ní 2023, nígbà tí náírà já wálẹ̀. Àmọ́ ní 2025, dọ́là bẹ̀rẹ̀ ọdún ní iye tó lé ní ₦1,500 lọ́jà ìjọba, ó sì parí ọdún nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ra dọ́là pa mọ́ sílé lọ́dún yẹn kò rí èlé kankan, ó tún pàdánù lórí pàṣípààrọ̀.

Ẹni tó bá sì ní òun máa fún yín ní pásẹ́ńtì 30 lóṣù kò sí lára ohun tí à ń fi wéra rárá. Oṣù Kejìlá 2016 ni MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn, oṣù Kẹrin 2025 ni ti CBEX. Pàdánù ogún lọ́dún sàn ju pàdánù gbogbo rẹ̀ lọ.

Owó oúnjẹ, owó oògùn àti owó ilé oṣù mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àkáǹtì yín. Ohun tí ó ń pàdánù ni ẹ fi ń ra àǹfààní pé ẹ lè mú un lóru, bí ara ọmọ kò bá dá. Èyí tó bá lé sí i, tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn láàárín ọdún kan, òun ni kí ẹ mú lọ sí báǹkì lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ sì bèèrè iye tí tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà wà.