Kóró ìbẹ́pẹ: kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe oúnjẹ àárọ̀

Àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó rí owó he. Ó ní òun ti rí ohun tó ń fọ inú èèyàn mọ́ tónítóní. Kóró ìbẹ́pẹ ni. Ẹnì kan ló fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n máa jẹ ṣíbí ńlá kan láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó fi nǹkan mìíràn sẹ́nu, lójoojúmọ́. Ó ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ fún bí oṣù kan. Mo bi í pé ṣé ó ń gbé e mì ni àbí ó ń rún un. Ó ní òun máa ń lọ̀ ọ́ ni, òun á wá pò ó mọ́ oyin. Mo dákẹ́. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí tó ti gbéyàwó, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọmọ ni wọ́n ń wá.

Ẹ má fòyà, mi ò sọ pé ó ti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Àmọ́ èsì tó fún mi yẹn, pé òun ń lọ̀ ọ́, òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ kóró ìbẹ́pẹ wà. Bí kóró yìí bá wọ inú yín ní odidi, ohun kan ni. Bí ó bá wọ ibẹ̀ ní rírún, ohun mìíràn pátápátá ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí odidi. Ẹni tó bá ti jẹ ìbẹ́pẹ rí ti gbé kóró rẹ̀ mì rí, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń fi dẹ́rù bà wá pé igi yóò hù jáde lórí ẹni tó bá gbé kóró èso mì. Igi kankan kò hù lórí mi, ẹ ṣeun. Èèpo òde kóró náà le, ikùn èèyàn kì í sáàbà rí i lọ̀, bó ṣe wọlé ni yóò ṣe jáde. Ẹ wo igi ìbẹ́pẹ tó máa ń dá hù lórí ààtàn àti lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ láìsí ẹni tó gbìn ín. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ nìyẹn: ẹyẹ tàbí èèyàn ló gbé e gba inú kọjá. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá ṣèèṣì gbé kóró mẹ́ta mì, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Kò ní ta á lẹ́nu, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan.

Wàyí o, ẹ fi eyín fọ́ ẹyọ kan. Mo ṣe é lọ́jọ́ Sátidé láti rí i dájú kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra ìbẹ́pẹ kan tó pọ́n dáadáa ní Bódìjà, mo là á, mo mú kóró dúdú kan, mo fọ omi yíyọ̀ tó yí i ká dànù, mo sì fi eyín ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan ju ìkorò díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá dé: ó ta mí láhọ́n, ó gba àjà ẹnu lọ sókè, ó wọ imú. Kì í ṣe bí ata rodo ṣe ń ta. Ata rodo máa ń jókòó sórí ahọ́n ni, kò ní kúrò kíá. Ti kóró ìbẹ́pẹ máa ń sá gòkè lọ sí imú, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ó ti lọ. Ẹni tó bá ti jẹ mọ́sítáàdì rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé ọ̀kan náà ni irú ohun tó ń ta nínú àwọn méjèèjì. Ìbẹ́pẹ àti mọ́sítáàdì bára tan lágbo àwọn igi àti ewéko, kábéèjì àti mòríńgà náà sì wà nínú ẹbí yẹn. Ẹ jẹ gbòǹgbò mòríńgà tútù wò, ẹ ó gbọ́ ìtasánsán ìbátan wọn.

Kí ló dé tí odidi kò ta, tí rírún sì ta? Ẹ rántí àlùbọ́sà. Ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ojú yín kò ní ta. Ẹ fi ọ̀bẹ kàn án, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóró ìbẹ́pẹ rí. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀ tí kò fojú kan ara wọn, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìgbà tí eyín tàbí ọlọ bá fọ́ ògiri àárín wọn ni wọ́n pàdé, ìpàdé wọn ló ń bí ohun tó ń ta náà. Èyí ló fà á tí iná fi ń ba á jẹ́: ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò lè fara da ooru. Bí ẹ bá yan kóró náà tàbí tí ẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, títa náà á lọ, ìkorò á sì ṣẹ́kù. Ẹnì kan tó yan tirẹ̀ bí ẹ̀pà ti bá mi jiyàn rí pé kóró ìbẹ́pẹ kò ta. Òótọ́ ni kálukú wa ń sọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó bí ata, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n ni kí ẹ lò, èyí tí kóró rẹ̀ ti dúdú. Tó bá ṣì funfun, èso náà kò tíì gbó, oje funfun tó ń yún ara ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ da kóró sínú asẹ́, ẹ máa fi ọwọ́ ra á lábẹ́ omi títí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀ bí ilá yẹn á fi bọ́ kúrò lára gbogbo wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í ṣe. Wọ́n á sá a tòun ti awọ yẹn, yóò lẹ̀ mọ́ra, inú rẹ̀ kò ní gbẹ, tó bá di ọjọ́ kẹta, ìrun funfun á ti hù sí i lára. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá bọ́ awọ rẹ̀, tí ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀ sórí àtẹ, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó ó. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti gbẹ nígbà tó bá ń dún ṣaworo nínú ìgò, tó sì fọ́ wẹ́wẹ́ tí ẹ bá lù ú, kàkà kó tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Bó bá ti gbẹ báyìí, ó jọ ata dúdú tí wọ́n ń tà nínú ike gan-an, débi pé àwọn oníjìbìtì kan ní ilẹ̀ Íńdíà máa ń pò ó mọ́ ata dúdú tà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú wọn rọrùn: ẹ da ata náà sínú ife omi. Ata dúdú gidi máa ń rì, kóró ìbẹ́pẹ máa ń léfòó.

Èmi kì í lò ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ fún ìkòkò tí èèyàn mẹ́rin yóò jẹ, ẹ̀yìn tí mo bá ti gbé e kúrò lórí iná ni mo sì máa ń bù ú sí i. Ó dára lórí ẹja yíyan. Ní Hàwáì, inú omi ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí ewé tútù ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ sí.

Ṣé ó ń pa aràn? Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ dán an wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2007. Ọgọ́ta ọmọ ni, tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ wọn fi hàn pé kòkòrò wà nínú wọn. Wọ́n fún ọgbọ̀n ní oyin tí wọ́n po kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ mọ́, mílílítà 20, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n fún ọgbọ̀n yòókù ní oyin lásán. Nígbà tí wọ́n tún ìgbẹ́ wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ méje, ọmọ 23 ni inú wọn ti mọ́ nínú àwọn tó jẹ kóró, ọmọ 5 péré nínú àwọn tó jẹ oyin lásán. Ó wú mi lórí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa: ẹ̀ẹ̀kan ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ kankan máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù kan. Ọmọ ọgọ́ta náà kò sì pọ̀ tó láti sọ pé kí a ju òògùn aràn inú ṣọ́ọ̀bù nù. Ní tèmi, owó òògùn aràn kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ sá kóró sóòrùn. Ní ti ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí olóhùn orí Wáásáàpù ní ó ń fọ̀, tí ẹ̀yin bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọ kíndìnrín, ẹ sọ fún mi.

Ìdí tí mo fi dákẹ́ sí àbúrò mi ló kù. Àwọn onímọ̀ kan ní Jáípọ̀ lórílẹ̀-èdè Íńdíà ti ń yẹ kóró yìí wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bóyá ọkùnrin lè fi fètò sọ́mọ bíbí. Lọ́dún 2002, wọ́n kọ nípa àwọn akọ ọ̀bọ kan tí wọ́n ń pè ní láńgọ̀. Wọ́n fi kúlórófọ́ọ̀mù fa oje kóró ìbẹ́pẹ jáde, wọ́n sì ń fún àwọn ọ̀bọ náà lójoojúmọ́, mílígírámù 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara wọn wọ̀n. Nígbà tó fi máa di àádọ́rùn-ún ọjọ́, kò sí èyí tó lè di ọmọ nínú àtọ̀ wọn mọ́. Wọ́n dá a dúró, ó sì padà bọ̀ sípò nígbà tó tó 150 ọjọ́. Ọ̀bọ ni, èèyàn kọ́. Oje tí wọ́n fà jáde ni, kì í ṣe ṣíbí kóró lílọ̀ tí a pò mọ́ oyin. Mi ò sì lè fi ìyẹn sọ pé òun ló fà á tí ìyàwó àbúrò mi kò fi tíì lóyún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọmọ, kí ló kàn án mọ́ ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò fún dídá ọmọ dúró?

Bí ẹ bá lóyún, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Oje rẹ̀ tó pọ̀ ti ba iṣan ilé-ọmọ eku jẹ́ nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Síńgápọ̀, kò sì sí ìdí tí aboyún yóò fi máa fi ara rẹ̀ dán an wò. Ara ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa kò sí nínú èyí, kóró ni mò ń wí. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú náà, tí ohun títa bá ń dà á láàmú, kó tètè yàgò, pàápàá kó má jẹ ẹ́ láàárọ̀ lórí ikùn òfìfo. Ohun tí jíjẹ ẹ́ jù sì máa ń kọ́kọ́ fún èèyàn ni kí àyà máa ta á, kí inú máa lọ́ ọ, kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Èyí gan-an ni àwọn kan ń pè ní pé inú ń fọ̀.

Mo pe àbúrò mi padà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ bínú pé ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tí ẹ kì í rí wí sí. Lẹ́yìn náà ló wá rọra béèrè pé kí wá ni kí òun fi ìgò kan tó ti lọ̀ kalẹ̀ ṣe. Mo ní kó gbé e wá sí Ìbàdàn. Ẹja wà níbí.