Sikípù-lísìtì tàbí igi AVL: ṣé owó ẹyọ tó gbẹ́kẹ̀ lé?

Láńre: Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kó dátà tó ti wà létòlétò sínú sikípù-lísìtì, ìyẹn lísìtì onípele tí ìpele òkè rẹ̀ ń fo nóòdù kọjá, ṣé kò ní dà bíi lísìtì lásán?

Bọ̀dé_C: Á dà bẹ́ẹ̀ mọ̀. Igi tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lo AVL, igi tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kó o sinmi.

Àdùkẹ́: Bọ̀dé, ti igi lo sọ yẹn. Níbí, owó ẹyọ tá a ta nígbà tí nóòdù ń wọlé ló ń pinnu gíga rẹ̀, dátà kò lọ́wọ́ sí i. Láńre, gba ẹ̀yìn wo wíwá: dúró sórí nóòdù tó o rí, kó o máa padà lọ sókè. Níbikíbi tó o bá dé, ìdajì-ìdajì ni: bí nóòdù yẹn bá ṣì ga sí i, o gùn ún, bí kò bá ga mọ́, o sún sí òsì. Ìpele kan á gba ìgbésẹ̀ méjì ní ìpíndọ́gba. Nóòdù 65,536 máa ń ní nǹkan bí ìpele 16, ìyẹn ìgbésẹ̀ 32 àti díẹ̀ lórí rẹ̀.

Múfú: Tèmi ń wọ́ bí ìgbín o, ẹ̀yin ará. Nóòdù mílíọ̀nù kan péré.

```c
int ipele = 1;
while (ipele < 20 && (rand() & 1)) ipele++;
```

Àdùkẹ́: Ka iye nóòdù tó ga dé ìpele kọ̀ọ̀kan, kó o gbé e síbí.

Múfú: Ìpele 2 ni gbogbo wọn dúró sí. Kò sí ìkankan ní 3.

Àdùkẹ́: `rand()` rẹ ni. Nínú àwọn láíbúrárì C àtijọ́ kan, bíìtì ìsàlẹ̀ pátápátá kàn ń lọ 1, 0, 1, 0 ni. Nóòdù kọ̀ọ̀kan rí 1, ó gun ẹ̀ẹ̀kan. Ó rí 0, ó dúró. Èyí tó tẹ̀ lé e tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ìpele 2 wá kún bíi ti ìsàlẹ̀, kò sí ohun tó ń fò. Fi `rand() < RAND_MAX / 2` rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìpele 2 yẹ kó ní nǹkan bí 500,000, ìpele 3 nǹkan bí 250,000.

Bọ̀dé_C: Ẹ rí i? AVL kì í ju nǹkan bí 1.44 log2 n lọ, ìyẹn bíi 23 fún 65,536 yẹn, bó ti wù kí oríire rí.

Ṣẹ́gun_Dátà: Òótọ́ ni, àmọ́ wo iṣẹ́ tí àtúnyí igi ń fà nígbà tó o bá ń pa nóòdù rẹ́. Redis fi sikípù-lísìtì ṣe sorted set, p = 0.25, ìyẹn ni pé ìdá mẹ́rin kan péré nínú nóòdù ló ń gun ìpele tó kàn. Ìpele 8 ni 65,536 á ní, mẹ́rin-mẹ́rin ìgbésẹ̀: 32 náà ni. Pọ́íńtà iwájú sì wálẹ̀ láti 2 sí nǹkan bí 1.33 fún nóòdù kan.

Bọ̀dé_C: Bí ẹnì kan bá wá mọ síìdì rẹ ńkọ́? Á mọ nóòdù tó ga, á máa pa wọ́n rẹ́ títí á fi ku kìkì ìpele 1.

Ṣẹ́gun_Dátà: Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀. Má fi síìdì kan náà bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, má sì jẹ́ kí gíga nóòdù hàn síta.

Bọ̀dé_C: Mo ṣì dúró ti igi mi.