Nóòtì Tó Kún Fọ́fọ́ Kọ́ Ni Ó Ń Múni Yege Nínú Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso

Láàárín àwa tí a ń fi ọjọ́ Sátidé àti ìrọ̀lẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso ní Ìkòròdú, ìgbàgbọ́ kan wà tí mi ò tíì rí ẹni tó ń jà á níyàn: pé ẹni tí nóòtì rẹ̀ bá kún jù, tó tún un kọ dáadáa sínú ìwé mìíràn lálẹ́, tó sì kà á ní àkàtúnkà kí ìdánwò tó dé, ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tiwa yìí ló sì bá ìgbàgbọ́ náà mu jù lọ, nítorí pé olùkọ́ lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko láìkọ ohun púpọ̀ sí ojú pátákó, tí ẹni tó bá gbá gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú yóò sì di ẹni tí gbogbo kíláàsì ń yá ìwé rẹ̀ lọ ṣe fọ́tòkópì. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún sẹ̀mẹ́sítà méjì, mo ra bíírò pupa àti àwọ̀ ewé, mo tún nóòtì kọ títí òru fi jìn. Èsì tí mo gbà kò tó làálàá náà rárá.

Kíkọ nóòtì kò burú. Ohun tí mo ń bá jà ni kíkà á lákàtúnkà, nítorí pé òun ni ó ń tan èèyàn jẹ. Nígbà tí ẹ bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kẹta, ojú yín ti mọ ọ̀rọ̀ náà, kíkà rẹ̀ sì ti ń yọ̀ lẹ́nu, nítorí náà ọkàn yín á sọ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n dídá ohun kan mọ̀ nígbà tó bá wà níwájú ẹni yàtọ̀ sí fífà á yọ láti inú orí nígbà tí kò sí níwájú ẹni. Ẹ lè máa kí obìnrin kan ní ọjà Sábó fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ mọ ojú rẹ̀ dájú, kí ẹnì kan sì béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ má rí nǹkan kan sọ. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò, orúkọ ni wọ́n ń béèrè.

Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn, gbé ìwádìí kan jáde tó fi èyí hàn kedere. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kúkúrú láti kà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n tún àyọkà kan kà, kí wọ́n sì pa òmíràn dé, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí nínú rẹ̀ láìwo ìwé. Nígbà tí a dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, èyí tí wọ́n tún kà ló borí: ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rántí nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n rántí ìdá 75 nínú èyí tí wọ́n pa dé. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí a dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: èyí tí wọ́n tún kà ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 42, èyí tí wọ́n pa dé sì wà ní ìdá 56. Ní tèmi, ìṣẹ́jú 5 yẹn ni kò jẹ́ kí ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn kú. Ẹni tó ka nóòtì tán, tó sì dán ara rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, yóò rí i pé òun mọ̀ ọ́n, kò sì ní sí níbẹ̀ láti rí ohun tó sọ nù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìwé Cornell, ìyẹn ọ̀nà pípín ojú ìwé nóòtì sí ààyè mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wà fún ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kíkọ yìí gan-an. Walter Pauk, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ló ṣètò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1959. Ìwé A4 fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 21, nítorí náà ẹ fi rúlà fa ìlà kan wálẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 6 láti etí òsì, èyí tí yóò ṣẹ́ 15 kù ní apá ọ̀tún, kí ẹ sì fa òmíràn gba ìbú ìwé kọjá ní sẹ̀ntímítà 5 sókè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Apá ọ̀tún ni ti nóòtì, tí ẹ ń kọ lẹ́nu olùkọ́. Apá òsì ni ààyè ìbéèrè, tí kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun nínú títí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò fi parí. Ìsàlẹ̀ ni ààyè àkótán. Níbí ni ìgbàgbọ́ àtijọ́ tún ti ń yọ́ wọlé: mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n fa ìlà dáadáa, tí wọ́n sì wá kọ àkọlé sí apá òsì, tí wọ́n da ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún kọ sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì ń ka gbogbo rẹ̀ lọ bí ti tẹ́lẹ̀. Ìlà kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ojú ìwé kan, èyí tó dá lórí Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn tó ṣèwádìí lórí ohun tó ń mú inú òṣìṣẹ́ dùn. Ohun tí olùkọ́ sọ nìyí ní ṣókí: Herzberg àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹnjiníà àti àwọn aṣírò-owó 203 lẹ́nu wò ní agbègbè Pittsburgh, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1959. Wọ́n béèrè ìgbà tí inú wọn dùn jù lẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbà tí inú wọn bàjẹ́ jù. Ohun tó ń mú inú bàjẹ́ jẹ́ ohun tó yí iṣẹ́ ká, bí owó oṣù, ìlànà iléeṣẹ́, ìwà ọ̀gá àti ipò ibi iṣẹ́. Ó pe ìwọ̀nyí ní haijíìnì. Ohun tó ń mú inú dùn wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí àṣeyọrí, ìyìn, ojúṣe àti ìgbéga. Ó pe ìwọ̀nyí ní mótífétọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ oníke ní Odógúnyán fi ojú ìwé tirẹ̀ hàn mí. Nínú ààyè ìbéèrè rẹ̀, ó kọ “Herzberg”, “haijíìnì”, “mótífétọ̀”. Mo ní kó pa apá ọ̀tún dé kó sì dáhùn. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n dáhùn?” Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn: àkọlé kò béèrè nǹkan kan. A pa á rẹ́, a sì kọ ìbéèrè mẹ́rin sí ipò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gangan ibi tí ìdáhùn rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún. Èkíní ní, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín haijíìnì àti mótífétọ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ méjì méjì? Èkejì ní, lójú Herzberg, kí ni òdìkejì àìtẹ́lọ́rùn? Ẹ̀kẹta ní, bí iléeṣẹ́ bá fi owó kún owó oṣù lónìí, kí ni Herzberg yóò sọ pé yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ̀kẹrin ní, àwọn wo ni ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kí sì ni èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ oníke?

Ó gba èkíní láìṣe wàhálà. Ìkejì gbé e ṣubú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú nóòtì rẹ̀ pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́: òdìkejì àìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn, bí kò ṣe pé àìtẹ́lọ́rùn kò sí mọ́. Orí èyí ni ìkẹta dúró lé, nítorí náà ó kùnà á pẹ̀lú. Ó ní owó yóò mú kí àwọn òṣìṣẹ́ fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́. Nínú èrò Herzberg, àfikún owó yóò pa ẹ̀hónú rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dá ìtara sílẹ̀ fúnra rẹ̀. (Ó bá Herzberg jiyàn gidigidi lórí èyí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni kan sọ kí a tó bá a jiyàn.) Kíkà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní fi àléébù yẹn hàn án láéláé, torí pé ìdáhùn ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè nígbà gbogbo.

Ààyè àkótán ni èyí tí a ń ṣì lò jù. Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní 2013 lórí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, fi ṣíṣe àkótán, fífa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àti kíkà lákàtúnkà sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi dídán ara ẹni wò àti pípín ìkẹ́kọ̀ọ́ sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sókè. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo nóòtì kí ẹ tó kọ àkótán, iṣẹ́ adàwékọ ni ẹ ń ṣe. Ẹ pa òkè ìwé dé, kí ẹ kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta láti inú orí, kí ẹ tó ṣí i wò. “A sọ̀rọ̀ nípa Herzberg àti nǹkan méjì rẹ̀” kì í ṣe àkótán. “Ohun tó ń lé ìbínú lọ kọ́ ni ohun tó ń mú ìtara wá, nítorí náà ọ̀gá tó tún ibi iṣẹ́ ṣe nìkan ti ṣe ìdajì iṣẹ́” jẹ́ àkótán.

Ẹ kọ ìbéèrè náà ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ ṣì lè mọ ohun tí gbólóhùn tí ẹ gé kúrú túmọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé bo sẹ̀ntímítà 15 apá ọ̀tún, ẹ kọ ìdáhùn sí ìwé mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ fi àmì dáadáa tàbí àmì ìkùnà sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti kí ìdánwò tó dé. Bí ẹ bá ń sọ nínú pé “mo mọ ìyẹn” tí ẹ sì ń kọjá lọ láìkọ ọ́, ẹ ti padà sí kíkà. Ẹ má sì máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ sísàlẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé ìdáhùn kan lè máa rán yín létí èkejì, tí kò ní rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò.

Ibi tí ètò yìí kò ti tó ni ìṣirò. Bí iléeṣẹ́ kan bá ń ná ₦600,000 tí kì í yẹ̀ lóṣù, tó ń ta ike kan ní ₦500, tí ṣíṣe rẹ̀ sì ń gba ₦300, iye tó gbọ́dọ̀ tà kó má jèrè kó má pàdánù ni:

```
600000 / (500 - 300) = 3000
```

Ẹni tó bá dán ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì yóò ti há 3,000 sórí láìmọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Nínú ààyè ìbéèrè irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ láti pààrọ̀ iye owó náà nígbàkúùgbà tí ẹ bá padà sí i, kí ẹ sì fi ìbéèrè kan kún un: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí 3,000 yẹn bí owó ṣíṣe ike bá gòkè sí ₦350? Ó di 4,000.

Ojú ìwé Herzberg ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn ní àmì ọjọ́ mẹ́ta báyìí. Ìbéèrè kejì àti ẹ̀kẹta ti gba àmì dáadáa lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹrin ṣì ní àmì ìkùnà: ó rántí 203, ó rántí àwọn ẹnjiníà, ó gbàgbé àwọn aṣírò-owó.