Igbó kọ́ ló ń bí ẹ̀fọn, ẹ lọ wo dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé yín

Níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tún dìde pé kí ojúlé kọ̀ọ̀kan dá ₦2,000 ká fi gba lébìrà tí yóò ṣán igbó ìdí ògiri, torí pé igbó ló ń bí ẹ̀fọn tó ń jẹ wá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi ń wò wọ́n ṣáá. A ti dá irú owó yìí lọ́dún méjì sẹ́yìn. A ṣán igbó náà débi pé ilẹ̀ ń dán, ẹ̀fọn ò sì sinmi lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Koríko kì í bí ẹ̀fọn. Omi tó dúró sójú kan ni ìyá ẹ̀fọn ń wá tó bá fẹ́ yé ẹyin. Ẹyin á pa, á di tanwíjí; tanwíjí á jẹun nínú omi títí á fi ká kọdọrọ bí ìwọ̀ ẹja, yóò wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà á fò jáde. Nínú ooru tiwa yìí, gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ.

Èmi ò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo fojú ara mi rí i. Lẹ́yìn tá a ṣán igbó ọdún náà tán, mo lọ ṣí dúrọ́ọ̀mù tá a fi ń gbe omi òjò lẹ́yìn ilé ìdáná. Omi náà mọ́ gaara. Àmọ́ bí òjìji ọwọ́ mi ṣe bọ́ sójú rẹ̀, tanwíjí rì lọ sísàlẹ̀ wìtìwìtì. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún ń gòkè bọ̀ wá mí, ìdí lókè, orí nísàlẹ̀. Mo bu ife kan sínú ìgò, mo fi àkísà nẹ́ẹ̀tì dè é lẹ́nu. Mo ki koríko tútù láti ìdí ògiri sínú ìgò kejì, mo de òun náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀fọn 11 ló ń fò nínú ìgò àkọ́kọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ní àmì funfun, tí wọ́n máa ń jẹni lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ kẹwàá, koríko jíjẹrà ló wà nínú ìkejì.

Ìyàwó mi fárí gá: “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣebí mo máa ń da omi yẹn nù!” Òótọ́ ni, ó ń dà á nù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gan-an nìyẹn. Irú ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ funfun yìí kì í yé ẹyin sójú omi. Ara dúrọ́ọ̀mù ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, lókè ibi tí omi dé díẹ̀. Ẹyin ọ̀hún lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó má kú. Ọjọ́ tí omi bá tún gòkè kàn án ni yóò pa. Nítorí náà, gbogbo Sátidé ni mo ń da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ nínú oòrùn, kì í ṣe sínú gọ́tà, kí tanwíjí lè kú. Mo wá ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ ha inú dúrọ́ọ̀mù láti ẹnu dé ìdí. Tá a bá ti rọ omi padà, nẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń bò ó, mo fi rọ́bà inú táyà dè é pinpin. Páànù tá à ń gbé lé e tẹ́lẹ̀ kò wúlò, àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ìyá ẹ̀fọn wọlé.

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ní ibi tirẹ̀: kòtò omi òjò tí oòrùn ń pa, àní ojú ibi tí táyà ọkọ̀ tẹ̀. Tanwíjí tirẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja sójú omi ni. Ṣọ́bìrì yẹ̀pẹ̀ mélòó kan ti tó láti dí kòtò náà.

Mo gbà pé ẹ̀fọn tó ti dàgbà máa ń sá pamọ́ sínú koríko lọ́sàn-án, ẹ sì lè ṣán igbó nítorí ejò. Ẹ̀fọn ilé kejì náà sì lè fò wá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì ká nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì mi.

Kí ìpàdé tó tú, mo bẹ bàbá yẹn pé kí wọ́n jẹ́ ká yọjú sẹ́yìnkùlé wọn. Táyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo gbé èyí tó wà lókè, mo da omi inú rẹ̀ sínú abọ́ funfun, mo gbé e fún wọn. Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n wá ké sí ọmọ wọn pé kó lọ wá àdá àti ìṣó wá, kó lu ihò sí táyà wọ̀nyẹn nídìí.