Kì í Ṣe Mẹ́fà Mẹ́ta: Lẹ́tà Àárín Tó Ya 666 àti 616 Sọ́tọ̀

Láìpẹ́ yìí ni mo dúró sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta síìmù. Bàbá kan tó wà níwájú mi wo nọ́ńbà tí wọ́n mú fún un, ó sì dá a padà kíá. 666 wà láàárín rẹ̀. "Ẹ gbà á o, mi ò lè gbé nọ́ńbà ẹranko sápò." Ọmọ tó ń tajà kò janpata, ó mú òmíràn fún un. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí ìdúró kọ́ ni èèyàn ti ń ṣàlàyé irú èyí fún àgbà. Mo wá gbé e wá síbí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé mẹ́fà mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ni Jòhánù kọ sínú Ìfihàn 13:18, nítorí náà ibikíbi tí mẹ́fà mẹ́ta bá ti pàdé, ẹranko náà ti débẹ̀. Jòhánù kò kọ mẹ́fà mẹ́ta. Àmì 6 tí àwa ń kọ lónìí kò tíì sí lọ́wọ́ àwọn Gíríkì nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́tà ábídí ni wọ́n fi ń kọ iye, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tirẹ̀.

Bíbélì Yorùbá wa gan-an sọ ọ́ fún wa, a ò kàn fetí sí i ni: "ọ̀tàlélẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́fà." Ẹgbẹ̀ta ló ṣáájú, ọgọ́ta lé e, ẹẹ́fà wá kẹ́yìn. Mẹ́fà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bó ṣe rí nínú Gíríkì náà nìyẹn, lẹ́tà mẹ́ta tí kò jọra:

χξϛ = 600 + 60 + 6

Ẹ fojú sí lẹ́tà àárín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan, ohun tí a bá níbẹ̀ nìyí:

χιϛ = 600 + 10 + 6

Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìndínlógún, 616. Lẹ́tà kan ló yí padà, ọgọ́ta di mẹ́wàá.

Ìwé òrépèté kan wà ní Dúbílìnì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní P47. Ọ̀rúndún kẹta ni wọ́n kọ ọ́, 666 ló sì wà nínú rẹ̀. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní P115 wà ní Ọ́sífọ́ọ̀dù. Inú ààtàn ìlú àtijọ́ kan ní Íjíbítì, Ọksirínkọ́sì, ni wọ́n ti hú u jáde ní wẹ́wẹ́, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde fáyé rí títí di 1999. Òun náà tó nǹkan bí ọjọ́ orí P47, ṣùgbọ́n χιϛ ló wà nínú rẹ̀ ní kedere.

Èyí tó wà ní Páríìsì ló máa ń wù mí jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Awọ ẹran ni wọ́n kọ ọ́ sí ní ọ̀rúndún karùn-ún. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìlá, ẹnì kan fọ ọ̀rọ̀ Bíbélì náà kúrò lára awọ, ó sì kọ ìwé Éfráímù ará Síríà lé e lórí, nítorí awọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ṣì hàn fírífírí lábẹ́ tuntun. 616 ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́tà ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ gbọọrọ ni: ẹgbẹ̀ta, mẹ́wàá, mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí P115 jáde, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ ariwo mìíràn: pé 616 ni nọ́ńbà gidi, pé ṣọ́ọ̀ṣì ló fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Irenéù, bíṣọ́ọ̀bù Líyọ́ọ̀nù, ti kọ̀wé nípa 616 ní gbangba ní nǹkan bí ọdún 180, kí wọ́n tó kọ èyíkéyìí nínú àwọn ìwé tí mo dárúkọ yìí. Ó ní 666 ló wà nínú gbogbo ìwé tó dára tó sì pẹ́, àti pé àwọn tó fojú rí Jòhánù jẹ́rìí sí i. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ adàwékọ ló ṣe àṣìṣe, nítorí pé lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ iye. Ó tiẹ̀ ní Ọlọ́run á dárí ji ẹni tó bá ṣe é láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù kọ sínú ìwé tí ayé ń kà, báwo ni a ṣe ń pè é ní àṣírí?

Ṣé àṣìṣe ọwọ́ nìkan ló fà á lóòótọ́? Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ń da ìwé kọ lábẹ́ fìtílà lè ṣi lẹ́tà kan kà. Ẹlòmíràn á wá da ìwé tirẹ̀ kọ, á sì tú lẹ́tà náà sí ọ̀rọ̀ gbọọrọ. Bóyá bí ti Páríìsì ṣe di "mẹ́wàá" nìyẹn, torí ẹni tí "ọgọ́ta" wà níwájú rẹ̀ lọ́rọ̀ gbọọrọ kò ní tètè kọ "mẹ́wàá".

Ṣùgbọ́n àlàyé mìíràn wà tí mo rò pé ó wúwo jù. Jòhánù ní kí olóye "ka" iye náà, ó ní iye ènìyàn ni. Kíka orúkọ sí iye wọ́pọ̀ láyé ìgbà yẹn. Lára ògiri kan ní Pọ̀ńpéì, ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, ẹnì kan kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn obìnrin tí iye rẹ̀ jẹ́ 545. Ẹni tó bá mọ orúkọ obìnrin náà á ṣírò ó, á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá mú orúkọ Nérò Késárì, ọba Róòmù tó pa àwọn Kristẹni, kí ẹ fi lẹ́tà Hébérù kọ ọ́ bí àwọn Gíríkì ṣe ń pè é, Nérónì Késárì: 50, 200, 6, 50, lẹ́yìn náà 100, 60, 200. Ẹ rò ó pọ̀, 666 ni. Àwọn tó ń sọ Látìnì kì í pè é ní Nérónì, Nérò ni wọ́n ń pè é. Ẹ yọ lẹ́tà "n" ìparí yẹn, tí iye rẹ̀ jẹ́ 50, ohun tó kù ni 616. Ó ṣeé ṣe kí adàwékọ kan tó mọ ìdáhùn ti ṣírò ó bí òun ṣe ń pe orúkọ náà, kó rí i pé kò bá ìwé mu, kó sì tún ìwé ṣe.

Àwọn kan máa ń ta kò ó pé lẹ́tà kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 10 sábà máa ń wà nínú Késárì lédè Hébérù, ìyẹn á sì sọ ọ́ di 676. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ìwé gbèsè kan nínú ihò àpáta Murabá'átì, nítòsí Òkun Òkú, tí wọ́n kọ lọ́dún kejì ìjọba Nérò, orúkọ ọba sì wà nínú rẹ̀ láìsí lẹ́tà yẹn. Àwọn èèyàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Lójú tèmi, 666 ló ṣáájú. Ẹ̀rí Irenéù lágbára, P47 sì wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àfọwọ́kọ Bíbélì tí wọ́n ń pè ní ti Sínáì, ti ọ̀rúndún kẹrin. Ti Nérò nìkan ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni búra lé lórí, nítorí Irenéù, tó sún mọ́ ìgbà Jòhánù tó bẹ́ẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Orúkọ mẹ́ta mìíràn ló gbé yẹ̀ wò, Téítánì ló wù ú jù nínú wọn, síbẹ̀ ó kọ̀ láti fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n 50 tó wà láàárín 666 àti 616 yẹn, mi ò tíì rí àlàyé mìíràn tó bá a mu ṣinṣin bíi ti lẹ́tà "n" tó wà ní ìparí orúkọ ọba yẹn.